Àgbéyẹ̀wò `Business Central` fún àkáǹtì àpapọ̀: ìyá l'Ékòó, ọmọ ní Kútọnu

Nínú àkáǹtì àpapọ̀, gbèsè tí ilé-iṣẹ́ ìyá àti ọmọ jẹ ara wọn ló ń fa wàhálà jù. Ìyá l'Ékòó ní òun ń retí mílíọ̀nù 12 náírà. Ọmọ ní Kútọnu ń fi sẹ́fà kọ ìwé tirẹ̀, nígbà tí a sì yí i sí náírà, mílíọ̀nù 12 àbọ̀ ló jáde. Ibí yìí ni mo ti gbé `Business Central` ti Máíkírósọ́ọ̀fù wò: ibi tó ti ràn wá lọ́wọ́, àti ibi tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún akáǹtáǹtì.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ó ṣí ilé-iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ nínú ẹ̀rọ náà tí kò ní tajà, tí kò ní rajà. Ibẹ̀ ni ìṣirò gbogbo ẹbí á máa já sí. Ní ojú ìwé `Business Units`, ẹ ó kọ ìyá àti ọmọ sílẹ̀, pẹ̀lú owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Lẹ́yìn náà, àkáǹtì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ ní ibi tí ẹ ó ti sọ nọ́ńbà tó máa já sí nínú ilé-iṣẹ́ àpapọ̀ náà, `Consol. Debit Acc.` àti `Consol. Credit Acc.`. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí ìlànà SYSCOHADA ni wọ́n ń lò ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí 401 ti jẹ́ àwọn tó tajà fún wa, tí 601 sì jẹ́ ọjà tí a rà. Kò sídìí tí Kútọnu fi gbọ́dọ̀ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà nítorí Èkó.

Orí àkáǹtì kan náà ni ẹ ó ti yan `Consol. Translation Method`. Ohun ìní àti gbèsè ń lọ sí `Closing Rate`, owó tó wọlé àti ìnáwó sí `Average Rate (Manual)`, owó ìdásílẹ̀ sí `Historical Rate`, èrè àtẹ̀yìnwá sí `Composite Rate`. Iye pàṣípààrọ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ ni ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ sí `Business Units`. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: bí ẹ bá kọ ọ́ sódì, ẹ̀rọ á fi pín dípò kó fi ṣe ìlọ́po. Gbèsè 4,800,000 sẹ́fà tó yẹ kó di mílíọ̀nù 12 náírà á di 1,920,000. `Test Database` kò ní bá yín rí irú èyí, torí ohun tó ń wá ni àkáǹtì tí kò ní ibi tó máa já sí.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀lé ọjà kan láti òpin dé òpin. Iye pàṣípààrọ̀ tí mo lò, àpẹẹrẹ lásán ni. Ìyá ta ọjà mílíọ̀nù 12 náírà fún ọmọ lọ́jọ́ tí sẹ́fà kan jẹ́ náírà 2.40, ó sì kọ gbèsè náà ní náírà. Ọmọ kọ 5,000,000 sẹ́fà. Lọ́jọ́ ìparí ọdún, sẹ́fà kan ti di náírà 2.50. Owó euro ni wọ́n so sẹ́fà mọ́, 655.957 sí euro kan, nítorí náà bí náírà bá ṣe ń ṣe sí euro náà ni á ṣe ń ṣe sí sẹ́fà.

Gbèsè tí ọmọ jẹ, náírà ni, kò sì yí padà. Lọ́jọ́ ìparí, 4,800,000 sẹ́fà ló tó láti san án. Bí ọmọ kò bá tún un ṣírò, 5,000,000 ni ẹ̀rọ máa fi ṣe ìlọ́po 2.50, yóò sì di 12,500,000 náírà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé pàṣípààrọ̀ ló fà á, pé kì í ṣe ìwé kan tó sọnù, ni kí ẹ pín ìyàtọ̀ náà, 500,000, fún 2.50. Yóò fún yín ní 200,000 sẹ́fà, ohun gan-an tó dín láti 5,000,000 sí 4,800,000. Bí kò bá bá a mu báyìí, ẹ lọ wá ìwé tí ẹnì kan kò tíì kọ.

Níbí ni SYSCOHADA ti ń mú èèyàn. Bí ọmọ bá tún gbèsè náà ṣírò, ìlànà Bẹ̀nẹ̀ kò gbà kó pe 200,000 yẹn ní èrè, nítorí kò tíì wọ ọwọ́. Àkáǹtì 479 ni yóò jókòó sí. Ìlànà `IAS 21` tí Èkó ń tẹ̀ lé ní kí a kà á sí èrè ọdún yìí. Ẹ gbọ́dọ̀ kó o kúrò ní 479 lọ sí èrè pàṣípààrọ̀ kó tó wọ àpapọ̀. Mo ti rí àwọn tó pa èrè yìí rẹ́ pọ̀ mọ́ gbèsè, torí wọ́n rò pé ohun gbogbo tó bá wà láàárín ẹbí gbọ́dọ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbèsè náà ń lọ, èrè pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ń dúró, torí ewu náírà sí sẹ́fà bá ẹbí náà lóòótọ́. Bí ìpíndọ́gba ọdún bá jẹ́ 2.45, èrè náà á wọlé ní 490,000 náírà, 10,000 tó kù á sì lọ sí àkáǹtì ìyàtọ̀ pàṣípààrọ̀ tó wà lára owó àwọn onílé-iṣẹ́.

Ọjà tí ọmọ rà ló tún fẹ́ àmójútó. Ní ìpíndọ́gba, 5,000,000 sẹ́fà á di 12,250,000 náírà, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 12 ni ìyá kọ pé òun tà. Ẹ ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ ní Kútọnu fún ọjà tí a rà lọ́wọ́ ìyá nìkan, kí ẹ sì fi `Historical Rate` sí i, kí iye ọjọ́ tí ọjà náà wọlé lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Òun nìkan ló mú kí méjèèjì bára mu ní 12,000,000.

Pípa rẹ́ fúnra rẹ̀, `Business Central` kì í ṣe é fún èèyàn. Jọ́nà lásán ni ẹ ó fi kọ ọ́ nínú ilé-iṣẹ́ àpapọ̀, ìjábọ̀ `G/L Consolidation Eliminations` á sì fi hàn yín bí ìwé á ṣe rí kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i. Ẹ yọ mílíọ̀nù 12 kúrò nínú ọjà tí a tà àti nínú iye owó ọjà, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè tí a ń retí àti gbèsè tí a jẹ. Bí ọjà náà bá ná ìyá ní mílíọ̀nù 9, tí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan sì wà ní ṣọ́ọ̀bù Kútọnu, èrè 750,000 tí ẹbí kò tíì rí ni ẹ ó yọ kúrò lára ọjà tó kù nílẹ̀. Ẹ má fi ìdá èrè mú un lórí 3,125,000, ìyẹn iye ọjà tó kù náà lọ́jọ́ ìparí. 781,250 ni yóò fún yín, torí pé iye pàṣípààrọ̀ tuntun ti wọ inú rẹ̀. Náírà ni ìyá fi jèrè, lọ́jọ́ tó tà á.

Abala `Intercompany` wà nínú ẹ̀rọ kan náà, ó sì dára láti lò. Ìwé tí Èkó kọ máa ń já sí `Intercompany Inbox Transactions` ní Kútọnu, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò rí i. Ṣùgbọ́n kì í pa gbèsè rẹ́. Fún ilé-iṣẹ́ méjì sí mẹ́rin, mo rò pé ó tó. Bí ọmọ bá pọ̀ tó mẹ́wàá tí wọ́n ń tajà fún ara wọn lóṣooṣù, jọ́nà ọwọ́ á pọ̀ jù, ẹ wá ẹ̀rọ tó máa ń mú wọn bára mu fúnra rẹ̀.

Jọ́nà gbèsè tí ẹ kọ ní December kò ní lọ fúnra rẹ̀. Ẹ dá a padà ní January 1, kí ẹ sì kọ tuntun ní ìparí oṣù. Bí ẹ bá gbàgbé, lọ́jọ́ tí ọmọ bá san mílíọ̀nù 12 náà, àkáǹtì gbèsè tí a ń retí ní àpapọ̀ á di òdì mílíọ̀nù 12, bẹ́ẹ̀ kò sí oníbàárà kankan tó sanwó jù.