Ìkìlọ̀ o: aṣọ òkè inú fọ́tò, ẹ wo ojú rírán rẹ̀ kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ní ayẹyẹ lọ́wọ́, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì san owó yẹn. Aṣọ òkè tí ẹni yẹn ya fọ́tò rẹ̀ sí yín, tó ní Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún, ó lè jẹ́ pé kò fojú kan òfì rí. ₦95,000 ni mo san kí n tó mọ̀. Ìró, gèlè àti ìpèlé. Mo tún un sọ o: ₦95,000, lórí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán òfì sí lára bí ẹni tẹ kàlẹ́ńdà.

Ẹtù ni mo ní mo fẹ́. Ẹ mọ ẹtù: aṣọ aláró tó dúdú, tó ní ìlà tín-ín-rín funfun tó ń dábùú ara wọn wínníwínní bí ìyẹ́ ẹtù. Obìnrin tó tà á fún mi ní, "Mọ́mì, ojúlówó ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí òfì ni." Mọ́mì! Ẹni tó fẹ́ jà mí lólè ló ń pè mí ní mọ́mì.

Nígbà tí ẹrù dé, mo tú u, mo fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ ojú rírán rẹ̀. Èékánná kò kọ́ nǹkan kan. Ó ń yọ̀ lọ geere bí ẹni ń fi ọwọ́ pa gíláàsì. Ìlà tí mo pè ní ojú rírán yẹn, ọ̀dà lásán ni, wọ́n fi tẹ ìlà dúdú kan sílẹ̀ kó lè dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Mo yí aṣọ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun ràkọ̀ràkọ̀. Mo wá fa òwú kan yọ ní etí ibi tí wọ́n gé e. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi jù. Òwú ẹtù gidi, wọ́n ti rẹ ẹ́ láró kó tó dé orí òfì, nítorí náà tí ẹ bá fa ẹyọ kan yọ, yóò jẹ́ àwọ̀ kan náà láti òkè dé ilẹ̀. Èyí tí mo fà yọ, búlúù díẹ̀, funfun díẹ̀, búlúù díẹ̀, bí ìrù ológbò. Funfun ni wọ́n hun aṣọ náà, ọ̀dà sì gun orí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò tún sí àríyànjiyàn mọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni pé kò fi aṣọ mìíràn rọ́pò. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́, aṣọ yẹn gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rí wà lójú mi, mi ò rí i. Òmùgọ̀ ni mí, ẹ jẹ́ kí n yáa fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹ tó bá mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i lórí fóònù, ní agogo mọ́kànlá alẹ́, tí Wasáàpù ti fún fọ́tò náà pọ̀ tí gbogbo ìlà tín-ín-rín ti yọ́ wọnú ara wọn? Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kì í fún un pọ̀ báyẹn. Mi ò bèèrè. Mo rò pé mo mọ aṣọ.

Ó dáa, ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn nìyí, kí ẹ lè rí i nínú tiyín.

Aṣọ òkè kì í jáde lórí òfì ìbílẹ̀ ní fífẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni ahunṣọ ń hun, èyí tó wọ́pọ̀ láti ìgbà pípẹ́ fẹ̀ tó íǹṣì 4. Wọn yóò gé ọ̀já náà sí gígùn tí wọ́n fẹ́, wọn yóò wá rán an mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹ ka ojú rírán. Gèlè tó fẹ̀ íǹṣì 20 láti ara ọ̀já íǹṣì 4 gbọ́dọ̀ ní ọ̀já 5, kí ojú rírán rẹ̀ sì jẹ́ 4. Kíkà nìkan kò tó o, nítorí tèmi náà pé 4. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ọ̀já kan ti pàdé èkejì. Ìlà tó dábùú aṣọ, ọwọ́ ènìyàn ló fi lílù sí ipò rẹ̀. Ibi tí ahunṣọ ti lù ú le, ìlà yóò súnmọ́ra. Ibi tó ti lù ú fẹ́rẹ́, ìlà yóò jìnnà díẹ̀. Tí wọ́n bá wá rán ọ̀já méjì pọ̀, ìlà apá ọ̀tún yóò fi bí ìbú ọkà bàbà kan ga ju ti òsì lọ, níwájú díẹ̀ wọn yóò bára dọ́gba, wọn yóò tún yà. Aránṣọ tó mọṣẹ́ lè fà á kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gbogbo ojú rírán. Nínú fọ́tò tèmi, gbogbo ìlà ló sọdá ojú rírán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọnrangandan bí ẹni fi rúlà fà á. Èmi ni mo tún ń sọ nínú ara mi pé, "Ahunṣọ yìí mà dáńgájíá o!" Ẹ gbà mí.

Èkejì sì burú jù ú lọ. Òwú kan wú díẹ̀ nínú aṣọ náà, bí ìgbà tí òwú bá di kókó kékeré. Mo rí i nínú fọ́tò, inú mi dùn, mo ní ṣe bí ọwọ́ ènìyàn ló hun ún nìyẹn, ẹ̀rọ kì í ṣe àṣìṣe. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ǹ bá rí kókó kan náà, ní apá kan náà ọ̀já, pẹ̀lú ìtẹ̀sí kan náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìkẹta. Wọ́n ya fọ́tò ojúlówó ẹtù kan, wọ́n sọ ọ́ di àwòrán, ẹ̀rọ sì ń tẹ àwòrán kan náà lé ara rẹ̀, títí kan àléébù ẹni tó hun ti ìṣáájú. Nítorí náà, ẹ má wá àṣìṣe nìkan. Tí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ wá ìkejì rẹ̀. Àṣìṣe tó bá ní ìbejì, títẹ̀ ni.

Nígbà tí mo pè é, ó ní "bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn lóde òní." Ilé iṣẹ́ wo? Ṣé Ìṣẹ́yìn ti di ilé iṣẹ́ ni? Ṣé òfì ni ẹ ní àbí ẹ̀rọ? Ó ní òun ń bọ̀. Ó ti búlọ́ọ̀kì mi kí n tó fi fóònù sílẹ̀.

Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ọjà ti ń wá. Ẹni tó ń ta aṣọ òfì gidi ní ahunṣọ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìlọrin, tàbí kó máa ná ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ahunṣọ ti ń kó ọ̀já wá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Aṣọ títẹ̀, nínú róòlù fífẹ̀ ló ń wà, wọ́n ń gé e bí Áńkárá. Ìbéèrè kan ń tú wọn fó: "Tí mo bá fẹ́ gèlè 30 sí i, irú èyí gẹ́lẹ́, ọjọ́ mélòó?" Ẹni tó ní ahunṣọ yóò bi yín ní àwọ̀ òwú, yóò dá ìgbà fún yín, ó tilẹ̀ lè kìlọ̀ pé àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ní "ó wà nílẹ̀, ẹ sanwó lónìí kí n gbé e lọ́la," róòlù ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnì kan yóò sọ pé aṣọ kan wà tí ẹ̀rọ hun pẹ̀lú òwú aláwọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò funfun, tí òwú tí ẹ bá fà yọ kò ní ṣe bí ìrù ológbò. Òótọ́ ni, ìyẹn ló tún le jù. Wọ́n ń gé e sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń rán an mọ́ra kí ojú rírán gidi lè wà. Fún ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn ojú rírán ní ìtòsí. Ọ̀já tó ti orí òfì wá ní etí méjì tó dí fúnra rẹ̀, níbi tí òwú ti dé etí tó sì yí padà. Kì í tú. Èyí tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé, etí rẹ̀ yóò máa tú fọ́nránfọ́nrán, tàbí kí wọ́n ti ká a mọ́lẹ̀ fi ẹ̀rọ ìránṣọ dè é kó má bàa hàn. Àwọn ahunṣọ kan sì wà tó ń lo òfì fífẹ̀ báyìí, nítorí náà aṣọ tí kò ní ojú rírán kì í ṣe ayédèrú dandan. Ẹ ṣáà bèèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná tàn yín. Iná lè sọ bóyá òwú ni tàbí pólísítà: òwú á di eérú rírọ̀, pólísítà á yọ́ di kókó líle. Kò lè sọ ẹni tó hun ún. Òwú tó ń dán nínú ọ̀pọ̀ ojúlówó aṣọ òkè, ike ni, yóò yọ́ náà. Aṣọ aláwọ̀ iyanrìn kì í sì í ṣe sányán nítorí àwọ̀ rẹ̀ lásán. Sányán gidi, òwú kòkòrò inú igbó ni. Èyí tó pọ̀ lọ́jà, òwú lásán tí wọ́n pa láró ni.

Mi ò ní tún gba aláṣọ kankan gbọ́ mọ́, léèsì ni o, Áńkárá ni o. Ó dáa, mo mọ̀ pé àwọn tó ń fi òótọ́ tajà wà. Kí wọ́n má bínú. Kí wọ́n ṣáà ya ẹ̀yìn aṣọ fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n.

Ní kíákíá: fọ́tò iwájú, fọ́tò ẹ̀yìn, fọ́tò ibi tí wọ́n gé e, lójú ọjọ́ kì í ṣe abẹ́ iná. Fídíò tí wọ́n fi èékánná wọ́ ojú rírán. Kí ẹ san ìdajì nìkan.

Mo fi nọ́ńbà ọmọ mi wo ojú ìwé obìnrin náà láàárọ̀ yìí. Ó ti gbé ọjà tuntun síbẹ̀, ó ní àlàárì ni, pupa rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo fà á tóbi. Kókó òwú yẹn ṣì wà níbi tó wà.