Ìpínrọ̀ àléébù méjì lórí omi inú ìkòkò amọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́ bu omi sínú ìkòkò amọ̀ kékeré àti ike. Lẹ́yìn wákàtí 3, ti ìkòkò fi dígíríì 3 tutù ju ti ike lọ.

Nínú ìròyìn tó kọ lórí ìdánwò náà, ó ní láti fi ìpínrọ̀ kan sọ àléébù, ìyẹn ohun tó lè mú kí èsì rẹ̀ má péye. Èyí tó kọ́kọ́ kọ nìyí: “Àṣìṣe lè wà. Tẹmómítà tó dára jù yóò ṣèrànwọ́.” Iṣẹ́ wo ni a ò lè lẹ èyí mọ́? Tẹmómítà rẹ̀ ń ka dígíríì kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ 3 kò lè fara pa mọ́ fún un.

Èkejì ni mo fara mọ́: “Ìkòkò wà lẹ́bàá fèrèsé tí atẹ́gùn ọ̀sà ń gbà wọlé, ike sì wà ní kọ̀rọ̀. Atẹ́gùn lè ti mú kí ìyàtọ̀ náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì ṣe é. Nígbà mìíràn, màá gbé wọn sójú kan náà, màá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, màá sì fi òṣùwọ̀n tí ìyá mi fi ń wọn ìyẹ̀fun wọn ìkòkò ṣáájú àti lẹ́yìn, kí n lè mọ iye omi tó gbẹ lára rẹ̀.”

Ó sọ ibi tí àléébù náà ti èsì sí, gbogbo ohun tó sì nílò ti wà nílé.