Atalẹ̀ tútù, ẹ̀lọ̀, tíì alápò, tàbí kápúsù: èwo ni kí ẹ rà fún èébì tó ń gbéni?

Lọ́dún tó kọjá, ẹni méjì ni èébì ń gbé pọ̀ nínú agbo ilé wa ní Àjàṣẹ́. Oyún ìyàwó àbúrò mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá ti ń dín ẹja lójúlé kejì, aṣọ ló ń fi bo imú. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń gba oògùn jẹjẹrẹ ọmú ní Kútọnu, èyí tí àwọn tó ń gbà á ń pè ní kímíò. Kò sí ẹni tó wá kí wa tí kò mú atalẹ̀ dání. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, orí tábìlì ti kún: atalẹ̀ tútù láti ọjà Wándò, ẹ̀lọ̀ inú ike, páálí tíì alápò, ìgò omi atalẹ̀, àti kápúsù láti fámásí. Mo jókòó, mo fi wọ́n wéra ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa níbi tí wọ́n ti ń tà á: kì í ṣe tíì ni àwọn onímọ̀ fi dán atalẹ̀ wò. Ẹ̀lọ̀ gbígbẹ tí wọ́n wọ̀n sínú kápúsù ni púpọ̀ nínú wọn lò, gíráàmù kan lójúmọ́, tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní Ọsirélíà, lọ́dún 2004, wọ́n fún àwọn aláboyún 291 ní atalẹ̀ tàbí fítámì B6, àwọn méjèèjì sì ṣe bákan náà. Nígbà tí àwọn mìíràn kó ìdánwò méjìlá pọ̀ lọ́dún 2014, aláboyún 1,278 lápapọ̀, wọ́n rí i pé atalẹ̀ ń dín èébì tó ń gbéni kù, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí obìnrin ń bì kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Èdè wa ti là á fún wa tipẹ́: ọ̀tọ̀ ni kí èébì máa gbéni, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn bì. Èyí àkọ́kọ́ ni atalẹ̀ mọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ife kan péré á dá èébì dúró pátápátá, ọjà ló fẹ́ tà.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo bi gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì náà kò ju ọ̀kan lọ: mélòó nínú gíráàmù kan yẹn ló wà nínú rẹ?

Atalẹ̀ tútù

Omi ló pọ̀ jù nínú atalẹ̀ tútù. Bí ẹ bá yọ omi náà, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló máa kù, kò ní pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé gíráàmù márùn-ún tútù ló dọ́gba pẹ̀lú ọ̀kan gbígbẹ. Àbúrò mi obìnrin ní ìwọ̀n kékeré tó fi ń ṣe kéèkì, a gé atalẹ̀ sórí rẹ̀ títí ó fi kan márùn-ún: kò ju orí àtàǹpàkò mi lọ, láti èékánná dé oríkèé àkọ́kọ́. Ohun tí ìyàwó wa ti ń gé sínú ife kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn, abájọ tí àyà fi ń jó o lẹ́yìn tó bá mu ún. Àyà jíjó ni àkóbá tí atalẹ̀ máa ń ṣe jù fún aláboyún, bẹ́ẹ̀ oyún fúnra rẹ̀ ti ń fa àyà jíjó.

Orí àtàǹpàkò kan yìí, ti ọjọ́ kan ni. A ń rẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bí owó fàdákà, a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, a bu omi híhó lé ìpín kan, a dé e ní ọmọrí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi kì í fa gbogbo agbára rẹ̀ jáde, torí náà tíì rọlẹ̀ ju kápúsù lọ. N kò ka ìyẹn sí àbùkù. Ẹni tí èébì ń gbé kò lè mu ife ńlá gbuurugbu. Ẹnu díẹ̀díẹ̀ ni, lọ́wọ́ọ́wọ́ tàbí ní tútù, kí ó tó jáde lórí ibùsùn láàárọ̀.

Lọ́jà, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó le, tí ó dún nígbà tí ẹ ṣẹ́ ẹ, ni kí ẹ mú. Bí awọ rẹ̀ bá ti hunjọ, kò ní pa yín lára, omi rẹ̀ ló ti gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá hu funfun tàbí àwọ̀ ewé lójú ibi tí wọ́n ti gé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ tún wo inú rẹ̀: atalẹ̀ pupa máa ń wà lórí àtẹ kan náà, tí èèyàn bá sì ń kánjú, ó rọrùn láti gbé èyí tí kò wá.

Ẹ̀lọ̀

Èyí ló súnmọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe ìdánwò jù, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ìlàjì ṣíbí tíì, tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́jú, ló súnmọ́ gíráàmù kan. Gbígbẹ máa ń sọ apá kan nínú ohun tó ń ta nínú atalẹ̀ di èyí tó tún ta jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀lọ̀ fi ń ta lọ́nà ọ̀fun ju tútù lọ.

Ìyọnu rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Ike tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún wa, nígbà tí mo ṣí i, ìmí ẹdùn ló gba ẹnu mi: ata gígùn ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tó lọ̀ ọ́ ti lọ ata ṣáájú, kò sì fọ ẹ̀rọ. Ìyàwó wa bu díẹ̀ sínú ògì, ó bì í pátá. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀lọ̀, ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú ìka kí ẹ tó sanwó. Atalẹ̀ máa ń ta, ó sì ní òórùn òróńbó díẹ̀ nínú. Bí ó bá kàn ń ta ẹnu lásán láìlóòórùn, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Tíì alápò àti ti oníṣúgà

Ẹ yí páálí padà, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Àpò ogún tó wúwo 30 gíráàmù, ìyẹn gíráàmù kan àbọ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ atalẹ̀ nìkan, ife kan lójúmọ́ ti tó. Ṣùgbọ́n páálí tí wọ́n gbé wá fún Màmá, èèpo ọsàn àti ewé ló ṣáájú nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀, atalẹ̀ wá wà ní ìparí. Ohun tó bá ṣáájú ló pọ̀ jù. Òórùn atalẹ̀ lásán lẹ rà.

Èyí tó máa ń yọ́ nínú omi gbígbóná, ṣúgà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Aláboyún tí wọ́n ti sọ fún pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Omi atalẹ̀ inú ìgò

Ó dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀ fúnra mi, ṣùgbọ́n n kì í rà á fún ẹni tó ń ṣàìsàn. A kì í sè é, a kò sì mọ omi tí wọ́n fi pò ó tàbí yìnyín tí wọ́n kó sí i. Ẹni tó ń gba kímíò, ohun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń kéré ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn oògùn. Lásìkò yẹn, ohun tó máa fún ẹlòmíràn ní inú rírun lásán lè gbé e wọ ilé ìwòsàn.

Kápúsù

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ẹ ń gbé mì, òun ló dájú jù, òun náà ló wọ́n jù. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan lára páálí rẹ̀: bí ó bá jẹ́ ẹ̀lọ̀ atalẹ̀, 250 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mẹ́rin jẹ́ gíráàmù kan. Bí ó bá jẹ́ omi rẹ̀ tí wọ́n fún, tí wọ́n sì gbẹ, 250 tibẹ̀ lè lágbára ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po, ìṣirò mi yìí kò sì bá a mu mọ́. Fún aláboyún, ẹ̀lọ̀ lásán ni mo fara mọ́.

Ní ti ọmọ inú, wọ́n wo ìyá tó lé ní 68,000 ní Nọ́wè. Àwọn 1,020 tó lo atalẹ̀ kò bí ọmọ tó ní àbùkù ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀, ẹni tí wọ́n ní kó máa lo asipirín tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ẹni tí ìbímọ ti dé tán, kí wọ́n bi agbẹ̀bí kí wọ́n tó lò ó.

Ti Màmá

Ẹ̀rí tirẹ̀ kò lágbára tó ti aláboyún. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò kan tó jáde lọ́dún 2012, lórí ènìyàn 576, fi hàn pé ìlàjì gíráàmù sí gíráàmù kan ń dín èébì tó ń gbéni kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú oògùn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, gbogbo wọn ló sì ń lo oògùn èébì tí dókítà kọ. Àwọn ìdánwò mìíràn wà tí atalẹ̀ kò ti ṣe nǹkan kan ju kápúsù òfìfo lọ. Nítorí náà, ẹ̀yìn oògùn ni atalẹ̀ ń rìn. Màmá ti gbàgbé èyí nígbà kan: ó fi oògùn èébì rẹ̀ pa mọ́ sínú àpò, ó ní, "Oògùn ti pọ̀ jù nínú ara mi, atalẹ̀ ni n ó máa mu." Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀meje ló bì. Mo sọ fún un ní àárọ̀ pé, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé oògùn yín mì ná, kí n tó po tíì yín."

Ìgbà tí ẹ máa dá a dúró tún wà. Atalẹ̀ lè fawọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì sẹ́yìn díẹ̀, kímíò náà sì ń dín plákẹ́ẹ̀tì kù, ìyẹn ohun tó ń dí ojú ọgbẹ́. Bí ẹ bá rí i pé erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí awọ ara ń dúdú láìsí ìfarapa, ẹ dá a dúró, kí ẹ pe dókítà.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ aláboyún ni ibà. Ibà lè gbé èébì wá, nílẹ̀ wa a sì máa ń pè é ní ti oyún. Èébì oyún kì í mú ara gbóná. Bí ara bá gbóná, tàbí tó jẹ́ pé oyún ti kọjá oṣù mẹ́ta kí èébì tó bẹ̀rẹ̀, ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe kẹ́tùlù. Ilé ìwòsàn ni ti ẹni tí omi kò dúró nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí tíì tàbí tí kò tọ̀ rárá, tí òòyì ń kọ́ nígbà tó bá dìde. Ẹni tó ń gba kímíò, bí ooru ara rẹ̀ bá dé 38, kí ó lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà, kò gbọ́dọ̀ dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Nígbà tí ìyàwó wa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ẹja dídín kò dà á láàmú mọ́, ó sì dẹwọ́ fúnra rẹ̀. Ní ti Màmá, ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tó ṣáájú kímíò ìgbà kẹta fi hàn pé plákẹ́ẹ̀tì ti lọ sílẹ̀. Dókítà ní kó fi atalẹ̀ sílẹ̀. Ife rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù, ògì la fi ń bù sí i báyìí.