Unity, Godot àti Defold: èwo ni mo fi ṣe géèmù ayò fún fóònù?

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ráàmù rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8 ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́. Géèmù fóònù àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ṣe ni ayò ọlọ́pọ́n: ihò 12, ọmọ ayò 48, ènìyàn méjì lórí fóònù kan. Mo fẹ́ kí ó parí kí àwọn mọ̀lẹ́bí wa tó wálé fún Ojúde Ọba, nítorí mo mọ̀ pé wọn yóò máa fi ránṣẹ́ láti fóònù kan sí èkejì láìgba Play Store kọjá. Nítorí náà, bí fáìlì náà ṣe tóbi tó ni mo rò pé yóò pinnu ẹ́ńjìnì, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ géèmù, tí n ó mú nínú àwọn mẹ́ta yìí.

Unity ni mo kọ́kọ́ gbé, torí pé ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo fi ẹ̀ka Android kún un, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ SDK, NDK àti OpenJDK tí ó nílò, ó gbà ju gígábáìtì 10 lọ lórí kọ̀ǹpútà mi. Bí a bá ń kó géèmù jọ di APK, fáìlì tí a ń fi sórí fóònù Android, irinṣẹ́ Unity tó ń jẹ́ IL2CPP á kọ́kọ́ sọ C# di C++ kí ó tó di èdè ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n bíi tèmi kì í sì lè ṣe nǹkan mìíràn lásìkò náà. Owó kọ́ ni mo fi pa á tì. Owó tí Unity fẹ́ máa gbà lórí iye ìgbà tí àwọn ènìyàn bá fi géèmù sórí fóònù, tí wọ́n kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ni wọ́n ti fagi lé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ẹ̀yà Personal sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju $200,000 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù 3D ńlá kò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù fún ọpọ́n ayò.

Defold ni mo gbé tẹ̀ lé e, inú mi sì dùn sí i gan-an. Lua ni èdè rẹ̀. N kò fi SDK kankan sórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé inú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ ni ó ń kó àwọn fáìlì iṣẹ́ wa sí, APK mi kò sì tó mẹ́gábáìtì 10. Mo ti fẹ́ dúró síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú mi padà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kí géèmù náà má ṣe sọ pé "Ìwọ ló kàn" fún àgbà, kí ó sọ pé "Ẹ̀yin ló kàn". Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò sì hàn dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyí: "é" ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n "ẹ̀" kò ní. Lẹ́tà ẹ àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kan sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò gbé àmì náà sórí lẹ́tà. Nínú Defold, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni fọ́ńtì máa ń kó wọlé bí a kò bá tọ́ka sí àwọn yòókù. Mo tọ́ka sí wọn, ẹ àti ọ sì jáde, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yà tí mo lò, àmì ohùn ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo lè ya gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí àwòrán, ìyẹn sì tó fún géèmù tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Tèmi ní ojú ìwé òfin ayò lódindi.

Godot 4 ló yanjú rẹ̀, torí pé HarfBuzz, ohun tó ń to lẹ́tà nínú rẹ̀, mọ bí a ti ń gbé àmì sórí lẹ́tà, bí fọ́ńtì bá sáà ti ní ibi ìdúró àmì. Noto Sans ni mo lò, "Ẹ̀yin ló kàn" sì jáde bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnì náà jẹ́ fáìlì kan tí a ń tú, kò sì ní owó ìyọ̀ǹda kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń béèrè SDK àti OpenJDK fún Android.

Ibi méjì ni mo ti ṣàṣìṣe nínú rẹ̀. Mo yan ọ̀nà ìyàwòrán tí wọ́n ń pè ní Mobile, tí ó ń lo Vulkan, nígbà tí mo ń ṣí iṣẹ́ náà. Lórí fóònù àtijọ́ ti àbúrò mi, ojú géèmù ń ṣẹ́jú, ó sì ń dúdú. Mo yí i sí Compatibility, tí ó ń lo OpenGL ES 3.0, kò sì ṣẹ́jú mọ́. Ìkejì ni pé arm64-v8a, ti fóònù 64-bit, nìkan ni Godot máa ń sàmì sí bí a bá ń kó APK jọ. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí Android rẹ̀ jẹ́ 32-bit yóò kàn kọ fáìlì náà láìjẹ́ kó wọlé. Ẹ sàmì sí armeabi-v7a, ti 32-bit, pẹ̀lú, kí ẹ sì mọ̀ pé APK yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Èmi ṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì ń fi èyí tó bá fóònù ẹni mu ránṣẹ́ sí i.