Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlọkọfí aláfọwọ́yí kan

Kọfí tí wọ́n ti lọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń lò nínú ẹ̀rọ ẹsipirẹ́sò mi nílé wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, yàà ni yóò dà sínú ife, ìṣẹ́jú-àáyá 12 kò sì ní pé tí yóò fi kún. Àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n rúsúrúsú, a ṣàn bí omi, a sì kan lẹ́nu. Ohun tí mò ń wá ni kí gíráàmù 18 kọfí lílọ̀ fún mi ní gíráàmù 36 kọfí mímu nínú ife láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25 sí 30. Ṣùgbọ́n kọfí ọ̀hún rí bíi gàrí, omi sì ń sá gba àárín rẹ̀ kọjá kó tó rí adùn kankan fà jáde.

Ìdí nìyí tí mo fi ra ẹ̀rọ ìlọkọfí yìí. Òrùka kan wà lára rẹ̀ tó máa ń dún kẹ́ bí a bá ń yí i, iye ìgbà tó bá dún ni a fi ń mọ bí kọfí yóò ṣe kúnná tó. Ní ojú 16, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni kọfí fi dà tán. Mo wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 9, ó kúnná bí èlùbọ́, ó sì ń kán tó, tó, tó fún ìṣẹ́jú-àáyá 55. Ó korò débi pé mo dà á nù. Ojú 11 ló bá mi lára mu.

Ní oṣù kejì, ní ojú 11 yìí kan náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Mo dín in sí 10, kò yí padà. Ó ń kan, ó sì tún ń korò pọ̀. Nígbà tí mo tú asẹ́, mo rí ihò kan bí ojú abẹ́rẹ́ lẹ́bàá etí kọfí tó ti rin náà: ibẹ̀ ni omi ti rí ọ̀nà gbà. Ìyàwó mi, tó mọ àmàlà í rò, wo èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó ní, “Dádì, kókó ló wà nínú rẹ̀ un.” Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi abẹ́rẹ́ tú u káàkiri nínú asẹ́ títí dé ìsàlẹ̀, kí n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọọrọ. Mo padà sí 11, ìṣẹ́jú-àáyá 28 ló sì gbà.

Àbùkù ẹ̀rọ náà ni pé díẹ̀ nínú kọfí àtẹ̀yìnwá máa ń há sínú rẹ̀, nítorí náà, ife àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a bá yí òrùka lè tan ni jẹ. Ife kejì ni mo máa ń gbẹ́kẹ̀ lé. Kò sì lè tún kọfí tó ti pẹ́ ṣe: ẹ̀wà kọfí tí mo ti já àpò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣì ń dà yàà ní ojú 8. Kò nílò iná, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àlejò bá pé mẹ́rin, apá a máa ro mí.