Ṣájà mẹ́ta, bátìrì ọkọ̀ tó ti gbẹ: èwo ni kó o rà, ìgbà wo ni kó o jáwọ́?

Iná búùtù ọkọ̀ mi ni mo gbàgbé láì pa fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí mo fi mítà kan orí bátìrì, 7.9V ló kà. Bátìrì 60Ah ni, kò tíì pé ọdún méjì, ó sì dùn mí láti jù ú nù. Mo so ṣájà ọlọ́gbọ́n kékeré tí mo ní mọ́ ọn; iná pupa rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dákẹ́. Mo ní bátìrì ti kú nìyẹn. Irọ́ ni. Ṣájà ló kọ̀ṣẹ́.

Ṣájà ọlọ́gbọ́n máa ń yẹ bátìrì wò kó tó fi iná sí i. Bí fóòtì tó bá níbẹ̀ bá kéré ju iye tí wọ́n ti ṣètò sínú rẹ̀, á gbà pé kò sí bátìrì kankan lẹ́nu òun. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 2V, àwọn mìíràn ò ní jí títí á fi tó nǹkan bí 8V. Inú ìwé ìlò ni wọ́n sábà ń kọ nọ́ńbà yìí sí, kì í wà lójú páálí. Òun ni kó o kọ́kọ́ wá kó o tó béèrè iye áńpù.

| | Ṣájà àtijọ́ | Ọlọ́gbọ́n tí kò ní bọ́tìnì | Ọlọ́gbọ́n oníbọ́tìnì, tó ní ojú tó ń ka nọ́ńbà |
|---|---|---|---|
| Bátìrì tó wà ní 3V | Á bẹ̀rẹ̀ | Ó sábà máa ń kọ̀ | Á bẹ̀rẹ̀ tó bá ní ètò ìfipábẹ̀rẹ̀ |
| Nígbà tí bátìrì bá kún | Kì í dáwọ́ dúró | Á dá dúró fúnra rẹ̀ | Á dá dúró, á sì máa ṣọ́ ọ |
| Ohun tó ń sọ fún ọ | Abẹ́rẹ́ áńpù | Iná pupa tàbí àwọ̀ ewé | Fóòtì àti áńpù |

Ṣájà àtijọ́, èyí tó wúwo bí òkúta, ní ìwà rere kan: kì í kọ bátìrì. Àmọ́ bó o bá sùn lọ, á máa se ásíìdì inú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi fi ti ẹnìkan jí bátìrì mi fún ogún ìṣẹ́jú, mo jókòó tì í, títí ó fi kọjá 10V, kí n tó gbé e fún ti ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan ṣoṣo, ẹ̀kẹta inú tábìlì yẹn ni mo máa ní kó rà, kì í ṣe torí bọ́tìnì rẹ̀ bí kò ṣe torí nọ́ńbà tó ń fi hàn. Fún bátìrì ọkọ̀ kékeré, 5A tó.

Ní ti bọ́tìnì, NORMAL máa ń gun dé nǹkan bí 14.4V, ó sì wà fún bátìrì olómi tó wọ́pọ̀. AGM máa ń gun dé bí 14.7V, fún bátìrì tí wọ́n kọ AGM sára rẹ̀ nìkan. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ fún bátìrì jẹ́ẹ̀lì, o ń bà á jẹ́ ni. LITHIUM ò kan bátìrì olójé rárá. SUPPLY wà fún ìgbà tá a bá fẹ́ yọ bátìrì tí a ò sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ gbàgbé ètò inú rẹ̀. Ṣọ́ra fún un, torí lára ọ̀pọ̀ ṣájà, ààbò tó ń gbà ọ́ bó o bá so wáyà sódì kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

REPAIR ni gbogbo èèyàn ń sáré tẹ̀, òun náà ló sì ń tan èèyàn jù. Bí bátìrì bá wà ní gbígbẹ pẹ́, iyọ̀ òjé tó wà lára àwọn pátákó inú rẹ̀ á le gbagidi, ásíìdì ò sì ní ríbi bá òjé ṣiṣẹ́ mọ́. REPAIR máa ń ti fóòtì lọ sókè dé bíi 15.8V, ti àwọn kan tilẹ̀ kọjá 16V, láti fọ́ iyọ̀ yẹn. Fóòtì yẹn lè ba ẹ̀rọ inú ọkọ̀ jẹ́, nítorí náà yọ bátìrì kúrò lára ọkọ̀ ná, gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, torí gáàsì tó máa ń jáde lè gbiná. Pátákó tó ti já tàbí tó ti wó kì í gbọ́ REPAIR.

Ibi tí ojú tó ń ka nọ́ńbà ti wúlò rèé. Bátìrì tèmi, lórí 5A, gba nǹkan bí wákàtí mọ́kànlá kó tó dé 14.4V. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè. Lẹ́yìn náà ló dúró síbẹ̀, tí áńpù ń wálẹ̀, 3A, 2A, títí ó fi kéré ju 1A lọ. Bátìrì tó ń gbaná gidi nìyẹn. Mo yọ ṣájà, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó ka 12.6V. Nígbà tí mo ṣíná ọkọ̀, mítà wálẹ̀ dé 10.3V, ó sì padà sókè. Bó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 9.6V níbẹ̀, ǹ bá ti máa fura sí bátìrì náà.

Ti bùrọ̀dá mi yàtọ̀. Ọdún kẹfà bátìrì náà nìyẹn, ọkọ̀ ti wà lójú kan fún oṣù mẹ́rin. Ìṣẹ́jú méjìlá péré, ṣájà ti ka 14.4V, áńpù ti di 0.2A, iná àwọ̀ ewé ti tàn. Inú wọn dùn. Mo ní, “Bùrọ̀dá mi, bátìrì tí ò jẹun ò lè yó.” Iyọ̀ ti dí i lọ́nà, iná ò wọlé, fóòtì ló kàn ń fò sókè. Wákàtí kan lẹ́yìn tá a yọ ṣájà, 11.6V ló kù. A fún un ní REPAIR lẹ́ẹ̀kan, a tún gba iná sí i lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó ka 12.1V, a tan iná iwájú ọkọ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi já sí 9V. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló parí. REPAIR ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, iná mànàmáná lò ń jẹ níyà.

Ìrísí kẹta wà tó jẹ́ òdì kejì ti bùrọ̀dá: áńpù ò wálẹ̀, fóòtì ò lè kọjá bíi 12.5V, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ń gbóná, tó bá sì sinmi, ó ń dúró sí nǹkan bí 10.5V. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà nínú bátìrì 12V, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí 2.1V wá, nígbà tí ọ̀kan bá kú, 10.5V ló máa kù. Kò sí bọ́tìnì fún ìyẹn. Bó bá tiẹ̀ ti wú, tó ń jò, tàbí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, má fi kílíìpù kàn án rárá. Bó bá ti wà lẹ́nu ṣájà, yọ iná lára ògiri kó o tó fọwọ́ kan wáyà.

Nígbà tá a máa gbé ti bùrọ̀dá fún àwọn tó ń ra òjé àlòkù, bùrọ̀dá ní ká jẹ́ ká gba iná sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló gbà kí iná àwọ̀ ewé tó tàn.