Pọ́tà sikọ́láṣíìpù tó ń dá ìwé wa padà: ohun tí ojú wa rí ní Ìkòròdú

Àbúrò mi ọkùnrin ń wá sikọ́láṣíìpù láti fi ka ìwé máàsítà, èmi ni mo jókòó tì í títí ó fi parí fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí ayélujára. Mi ò ní dárúkọ àjọ tó ni pọ́tà náà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é, ọjọ́ méjì nínú rẹ̀ ló sì bá fífi ìwé ránṣẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ bó ṣe lọ.

Ibi tí èèyàn ti ń kọ orúkọ, ilé ìwé àti ọdún tó jáde dára gan-an. Bẹ́ẹ bá ti parí ojú ewé kan, ẹ ó tẹ `Save and Continue`, ohun tẹ́ ẹ kọ ò sì ní sọnù. Wọ́n mú iná nílé wa ní Igbógbó lálẹ́ ọjọ́ kìíní, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù sì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tá a tún wọlé láàárọ̀, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ bá a ṣe fi í sílẹ̀. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ lórí tiransikíríìpù. Ojú ewé mẹ́rin ni, a sì ti lọ sikáànì ẹ̀ ní káfè kan ní Sábó. Fáìlì tí wọ́n fún wa jẹ́ PDF, ó sì tó 19 MB. A tẹ̀ ẹ́ sórí pọ́tà, ìlà aláwọ̀ ewé ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó rìn dé òpin, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ pupa yọ: `File size must not exceed 500KB`. Ẹ̀ẹ̀mejì la gbìyànjú ẹ̀ kó tó yé wa pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyẹn ni pé dátà tó lé ní 38 MB ti lọ sórí fáìlì tí wọn ò ní gbà láéláé. Ohun tó dùn mí jù nìyí, torí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wa ti mọ bí fáìlì ṣe tóbi tó kó tó gbéra. Àwọn tó kọ́ pọ́tà náà lè jẹ́ kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì kọ 500KB sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì níbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan.

Àbúrò mi wá gbé fáìlì náà lọ sí ìkànnì kan tó ń fún PDF pọ̀. Ó di 900 KB. Ó tún fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, fóònù rẹ̀ sì sọ pé ó ti di 0.5 MB. Inú wa dùn, àmọ́ pọ́tà tún dá a padà. Nígbà tá a wò ó dáadáa lórí láàpútọ́ọ̀pù, 538 KB ni. Ńṣe ni fóònù ń kó nọ́ńbà jọ sí ẹyọ kan lẹ́yìn àmì, ó sì fi 38 KB tó kù pa mọ́. Èyí tó tún burú ni pé òǹtẹ̀ ilé ìwé ti di àbàwọ́n, máàkì 61 àti 67 ò sì ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́. Ta ló máa fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún èèyàn ní owó?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo padà sí Sábó, mo sì bá bọ̀dá tó ni káfè náà fúnra rẹ̀. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi dín èyí kù?” Ó wo fáìlì náà, ó sì ní, “Àǹtí, ẹ má dín in kù mọ́. Ìwé gan-an ńkọ́, ṣé ẹ mú un wá? Ọmọ tó ṣe é fún yín ló fi sí 600, ó tún fi sí aláwọ̀.”

Ó là á yé mi. Bí sikáánà bá ń wo ìwé, ó máa ń pín in sí ẹyọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì. 600 DPI túmọ̀ sí pé ó ń ka 600 ẹyọ lórí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, ní ìbú àti ní òòró. Ojú ewé A4 kan yóò wá ní 4960 ní ìbú, 7016 ní òòró, èyí tó sún mọ́ mílíọ̀nù 35. Ní 150 DPI, ojú ewé kan náà á jẹ́ 1240 lórí 1754, tí kò ju mílíọ̀nù 2 lé díẹ̀. Ó fi ìlọ́po 16 kéré, bẹ́ẹ̀ ojú èèyàn á ṣì ka lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé dáadáa. Tó bá tún jẹ́ dúdú àti eérú dípò aláwọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á nílò nọ́ńbà kan dípò mẹ́ta. Ó sikáànì ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lákọ̀tun ní 150 DPI, `Grayscale`. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 412 KB. Mo ka máàkì kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀ kí n tó sanwó.

Bí ìwé gan-an ò bá sí lọ́wọ́ yín mọ́, tẹ́ ẹ sì ní láàpútọ́ọ̀pù tó ní Ghostscript, ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì PDF, àṣẹ yìí máa ń sọ àwòrán inú PDF di 150 DPI:

```
gs -sDEVICE=pdfwrite -dPDFSETTINGS=/ebook -o kekere.pdf scan.pdf
```

Fáìlì àkọ́kọ́ tó tóbi ni kẹ́ ẹ fi sí ipò `scan.pdf`, `kekere.pdf` ni tuntun tó máa jáde. Èyí tí wọ́n ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní mọ́ sí i, ohun tó ti sọnù níbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló kù. Wọ́n ń fẹ́ JPG tí kò ju 100KB lọ. Fóònù àbúrò mi jẹ́ iPhone, èyí tó ń fi fọ́tò pa mọ́ sí irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní HEIC. Ó kàn yí orúkọ `passport.heic` padà sí `passport.jpg`, pọ́tà sì sọ pé `Invalid file type`. Ó bínú gan-an, ó ní JPG ló wà lójú ẹ̀ yìí. Àmọ́ orúkọ lásán ló yí padà, inú fáìlì ò yí. Bí ojúlówó JPG ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú yàtọ̀ sí ti HEIC, pọ́tà tó bá wo inú kò sì ní fojú orúkọ wò ó. A lọ sí `Settings`, `Camera`, `Formats`, a yan `Most Compatible`, a sì tún fọ́tò náà yà níwájú ògiri funfun. Ó di JPG gidi, àmọ́ ó tó 2.4 MB. Dípò ká fún un pọ̀ títí ojú ẹ̀ á fi bàjẹ́, a gé e, a sì sọ ọ́ di 600 lórí 600 píkísẹ́lì. 74 KB ló kù, ojú àbúrò mi sì hàn kedere.

Ohun kan wà nínú pọ́tà náà tí mo fẹ́ràn, tí ọ̀pọ̀ kì í sì lò: bọ́tìnì `View` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ `Submit`, torí lẹ́yìn `Submit` wọn ò jẹ́ ká pààrọ̀ ohunkóhun mọ́. A ṣí tiransikíríìpù wa níbẹ̀, a sì rí i pé ojú ewé kẹta dorí kodò. A yí i, a tún fi ránṣẹ́, a tún tẹ `View`. Aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kẹta ti kọjá nígbà tí àbúrò mi tẹ `Submit`. Nínú márùn-ún, mo fún fọ́ọ̀mù ní mẹ́rin, mo sì fún ibi ìfìwéránṣẹ́ ní méjì. Bí wọ́n bá kọ 500KB yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì, màá fi kún un.